Nígbà tí Oògùn Gbígbọ̀n Bá Ń Tètè Tán Lára

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Oògùn tí Bàbá ń lò fún gbígbọ̀n ti kú lára wọn." Bàbá tí oògùn kan náà gbé dìde, tí wọ́n ń dá lọ sí mọ́sáláṣí fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, wá di ẹni tí ara wọn ń le gbagidi kí aago oògùn tó kàn tó pé. Àwọn mìíràn nínú ìdílé a máa rò pé oògùn ayédèrú ni wọ́n rà. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró kí ó lè "sinmi" lára. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ àìsàn náà lọ́wọ́ sì ń bẹ̀rù láti lò ó rárá, kí ó má bàa tán lágbára kí àìsàn tó le. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò.

Àìsàn tí à ń sọ ni Pákínsìn. Dókítà ará Ìlú Ọba kan, Jémíìsì Pákínsìn, ló ṣe àpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ní 1817, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe àìsàn náà títí di òní. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n nítorí Mùhámádù Àlí, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ọdún 1984 ni wọ́n sọ fún un pé òun ni ó ń ṣe é, kò sì kú títí di 2016.

Ohun tó ń dín kù nínú ọpọlọ

Nísàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ dópámíìnì. Èròjà yìí ni ọpọlọ fi ń darí ìrìn wa, òun ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbéra nígbà tí a bá fẹ́ rìn, kí ọwọ́ sì dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí a kò bá fi ṣe nǹkan kan. Nínú àìsàn Pákínsìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń kú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, kí iṣan tó ń le, dópámíìnì tó kù níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ kò tó ìdajì mọ́.

Ènìyàn lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fún aláìsàn ní dópámíìnì gan-an kí ó gbé e mì. Ìdí ni pé odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí dópámíìnì kò lè gbà kọjá. Ṣùgbọ́n lẹ́fódópà, tí dópámíìnì ti ń jáde, lè kọjá. Bí ó bá ti wọ inú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á sọ ọ́ di dópámíìnì. Ní 1967, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Jọ́ọ̀jì Kotsíásì, fi hàn pé bí a bá ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, aláìsàn tí kò lè rìn mọ́ lè dìde rìn. Títí di òní, kò tíì sí oògùn mìíràn tí a ń gbé mì tó ń ṣiṣẹ́ tó o lórí àìsàn yìí.

Lẹ́fódópà nìkan máa ń yí padà sí dópámíìnì nínú ara kí ó tó dé ọpọlọ, a sì máa fa èébì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń po kábídópà mọ́ ọn, èyí tí ń dí i lọ́wọ́ kí ó má yí padà lójú ọ̀nà. Lára páálí oògùn, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì, bíi 25/100 tàbí 25/250. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni mílígíráàmù kábídópà, èkejì ni mílígíráàmù lẹ́fódópà. Ẹ máa wò ó dáadáa ní ilé ìtajà oògùn. Ẹni tí dókítà kọ 25/100 fún, tí wọ́n wá ta 25/250 fún, ti gbé ìlọ́po méjì àbọ̀ mì láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ àmù àti omi ẹ̀rọ

Kí a lè lóye ìdí tí oògùn fi ń tètè tán, ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Omi ẹ̀rọ máa ń yọ nínú ilé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, fún bíi wákàtí kan péré nígbà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àmù ńláńlá mẹ́wàá wà nínú ilé. Bí omi bá ti yọ, wọ́n á pọn ọ́n kún àmù, wọ́n á sì máa bù ú lò díẹ̀díẹ̀ títí omi mìíràn á fi yọ. Àlejò tó bá dé kò ní mọ̀ pé omi kì í yọ ní gbogbo ìgbà.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àmù bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ku méjì péré, omi ẹ̀rọ ṣì ń yọ bó ti ń yọ tẹ́lẹ̀, kò dín kù, kò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n máa pọn ọ́n sí ni kò sí mọ́. Bí omi bá ń yọ, ilé á kún fún omi. Bí ó bá dá, ọ̀gbẹlẹ̀ dé.

Lẹ́fódópà ni omi ẹ̀rọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù nínú ọpọlọ sì ni àmù. Lẹ́fódópà kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, ìdajì rẹ̀ ti lọ, nígbà tó bá sì fi máa tó wákàtí mẹ́ta, ó ku bí ìdámẹ́rin. Ní ọdún àkọ́kọ́, èyí kò já mọ́ nǹkan, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù ń tọ́jú dópámíìnì pamọ́, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ. Bí wọ́n bá ṣe ń kú sí i ni ibi ìpamọ́ ń dín kù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí kì í ṣe iṣẹ́ wọn ni yóò wá máa sọ lẹ́fódópà di dópámíìnì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ìrìn aláìsàn á wá máa tẹ̀ lé bí oògùn ṣe ń gòkè tó sì ń lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé oògùn kú. Àmù ló fọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án nínú ayé aláìsàn kan

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo Bàbá kan tó jẹ́ ẹni ọdún 62 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn. A kò fi ẹnì kan pàtó ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àìsàn náà sábà máa ń gbà nìyí.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ó ń lo 25/100 kan ní aago méje àárọ̀, kan ní aago kan ọ̀sán, kan ní aago méje alẹ́. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ó bá gbàgbé tọ̀sán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, òun pàápàá kì í mọ̀. Nígbà tí ó di ọdún kẹrin, dókítà fi kún un díẹ̀, ó di ẹyọ kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn mílígíráàmù 450 lẹ́fódópà lóòjọ́.

Ní ọdún kẹfà, Màmá ṣàkíyèsí pé láti bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún Bàbá tún ti ń gbọ̀n, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á kàn máa làágùn, àyà wọn á sì máa já láìnídìí. Bí wọ́n bá lo oògùn ọ̀sán, ara á tún yá títí di bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Èyí ni à ń pè ní kí oògùn máa tán kí àkókò tó pé. Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n rárá. Láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà tí wọ́n ti ń lo lẹ́fódópà, nǹkan bíi mẹ́rin nínú aláìsàn mẹ́wàá ló ti ń rí i.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú? Oògùn ayédèrú lè má ṣiṣẹ́ rárá tàbí kí ó má ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, ìyàtọ̀ náà sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣí páálí tuntun. Oògùn Bàbá yìí ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn gbígbé mì kọ̀ọ̀kan. Kì í kàn pẹ́ mọ́ ni.

Ohun tó ran dókítà Bàbá lọ́wọ́ jù ni ìwé kékeré kan tí ọmọ wọn kọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó kọ aago tí wọ́n gbé oògùn mì, aago tí ara yá, aago tí gbígbọ̀n padà dé, àti aago tí wọ́n jẹun. Ìwé náà fi hàn pé wákàtí mẹ́rin péré ni oògùn ń pẹ́, nígbà tí àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì jẹ́ mẹ́fà. Dókítà kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún àpapọ̀ rẹ̀. Ó pín in sí kéékèèké, ó sì sún wọn mọ́ra: ẹyọ 25/100 kan ní aago mẹ́fà àárọ̀, mẹ́sàn-án àbọ̀, kan ọ̀sán, mẹ́rin àbọ̀ àti mẹ́jọ alẹ́. Ó jẹ́ 500 lóòjọ́ dípò 450, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀sán náà kúrò níbẹ̀.

Ní ọdún kẹsàn-án, nǹkan mìíràn yọjú. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn oògùn, ọrùn àti èjìká Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń jó, láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́. Àwọn ará àdúgbò ní àlùjọ̀nnú ni. Ọmọ wọn rò pé gbígbọ̀n ló le sí i, ó sì fẹ́ fi oògùn kún un. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Omi ẹ̀rọ ló ń ya wọ inú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sí àmù tó máa gbà á. Dópámíìnì tó ń gòkè lójijì tó sì ń já lulẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ti yí ìṣesí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ padà, wọ́n sì ń dáhùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyàtọ̀ méjèèjì rọrùn láti mọ̀ bí a bá fara balẹ̀. Gbígbọ̀n ti Pákínsìn máa ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, ó sábà máa ń wà nígbà tí ọwọ́ bá simi lórí itan, a sì máa le sí i nígbà tí oògùn bá fẹ́ tán. Lílọ́ ara yìí ń ṣàn kiri bí ijó, kò ní ìwọ̀n, àárín ìgbà tí oògùn wà lókè nínú ẹ̀jẹ̀ ló sì sábà máa ń dé. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ oògùn, ti èkejì sì lè fẹ́ kí a dín ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kù. Ẹni tó bá fi oògùn kún èkejì ń bu epo sí iná.

Àwọn oògùn tí dókítà lè fi kún un

Àwọn oògùn kan wà tó ń jẹ́ kí omi tó yọ pẹ́ sí i. Ẹntakapóònù, tí wọ́n ń gbé mì pa pọ̀ pẹ̀lú lẹ́fódópà nígbà kọ̀ọ̀kan, ń dí ohun tó ń ba lẹ́fódópà jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Ó lè sọ àwọ̀ ìtọ̀ di bí ọsàn tó pọ́n, kò sì séwu nínú ìyẹn. Sẹlẹjílíìnì àti rasajílíìnì ń dí ohun tó ń ba dópámíìnì jẹ́ nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́.

Pramipẹsóòlù yàtọ̀. Kì í ṣe dópámíìnì, ṣùgbọ́n ó ń kan ilẹ̀kùn kan náà, a sì máa pẹ́ lára ju lẹ́fódópà lọ. Àwọn dókítà mìíràn a máa fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí ẹni tó bá ń lò ó. Ó lè mú kí oorun gbé ènìyàn lọ lójijì, kódà nídìí ọkọ̀. Ó tún lè mú kí ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, tàbí kí ó máa náwó ní ìnákúnàá, tàbí kí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ rẹ̀ kọjá ààlà. Ọ̀pọ̀ ni yóò fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Bí ẹ bá rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ lára àgbàlagbà tí ẹ mọ̀ sí olùbẹ̀rù Ọlọ́hun, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Fún lílọ́ ara bí ijó, amantadíìnì ni oògùn tí dókítà sábà máa ń fi kún un, pẹ̀lú dídín ìwọ̀n lẹ́fódópà tí a ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan kù.

Ṣé ká fi oògùn pamọ́ di ìgbà tó bá le?

Gánà tó wà nítòsí wa ló ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn ìbéèrè yìí. Ní 2014, àwọn dókítà Gánà àti ti Ítálì gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn Pákínsìn ní ilẹ̀ méjèèjì. Ní Gánà, àwọn aláìsàn kò tètè rí lẹ́fódópà. Ní ìpíndọ́gba, ó ju ọdún mẹ́rin lọ tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kan ẹnu. Ní Ítálì, kò pé ọdún méjì àbọ̀. Bó bá jẹ́ pé oògùn ló ń fa ìṣòro yìí, ó yẹ kí ó pẹ́ kí ó tó dé bá àwọn ará Gánà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá kà á láti ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ìgbà kan náà ni ó dé bá àwọn méjèèjì. Àwọn mìíràn ní Gánà kò tíì pẹ́ lórí oògùn tí ó ti dé bá wọn.

Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé bí àìsàn ṣe pẹ́ tó ló ń pinnu rẹ̀, pẹ̀lú bí ìwọ̀n oògùn ojoojúmọ́ bá ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó fi oògùn pamọ́ fún ọdún mẹ́ta kò tọ́jú nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta tó yẹ kí ó fi rìn dáadáa ló fi jìyà lásán. Ṣùgbọ́n kò tún dára kí a sáré lo èyí tó pọ̀ ju ohun tí ara nílò lọ.

Oúnjẹ, ìrun àti ààwẹ̀

Lẹ́fódópà ń bá èròjà tó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà du ọ̀nà kan náà láti inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀, àti láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, èyí kì í hàn. Nígbà tí àmù bá ti fọ́, àwo mọ́ín-mọ́ín kan lè dí oògùn ọ̀sán lọ́nà. Kí aláìsàn gbé oògùn mì ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ó tó jẹun, pẹ̀lú omi. Kí ó má fi ẹran tàbí ẹ̀wà sílẹ̀ pátápátá, nítorí kò gbọdọ̀ rù. Ó lè jẹ èyí tó pọ̀ nínú wọn ní alẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní èròjà irin nínú náà ń so mọ́ lẹ́fódópà nínú ikùn, kí wọ́n fi wákàtí méjì ya méjèèjì. Ìgbẹ́ gbígbẹ pẹ̀lú ń dá oògùn dúró lọ́nà, nítorí náà kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n sì máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi àkókò ìrun rántí oògùn. Ó dára fún oògùn mìíràn, ṣùgbọ́n kò bá èyí mu. Ẹ wo aago náà. Láti Àsùbáà ní bí aago márùn-ún àbọ̀ di Àìlà ní aago méjì ju wákàtí mẹ́jọ lọ, nígbà tí Màgàríbì àti Ìṣáì kò ju bíi wákàtí kan lọ síra. Ẹni tó bá fi ìrun wọn oògùn rẹ̀ á wà nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, ara rẹ̀ á sì máa lọ́ ní alẹ́. Ẹ lo ago tí ń dún lórí fóònù. Bí ara bá le nígbà ìrun, ẹ̀sìn wa gba aláìsàn láyè láti jókòó kírun, kò sì yẹ kó ṣubú nítorí pé ó fẹ́ dúró.

Ní ti ààwẹ̀ Ràmàdáánì, láti sààrì dé ìṣínu jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 13 sí 14 lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń lo lẹ́fódópà ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta àbọ̀ kò lè fo oògùn mẹ́ta tẹ̀ léra kí ó má le gbagidi, kí oúnjẹ tàbí itọ́ má sì há a lọ́fun. Áyà 184 àti 185 nínú Súrà Bákárà ti fún aláìsàn láyè láti má gbààwẹ̀. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní bí oṣù méjì ṣáájú Ràmàdáánì, kí ó sì bi àáfà rẹ̀ léèrè ohun tó kàn án. Kí ó má fúnra rẹ̀ yí oògùn padà ní alẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ohun mẹ́ta tó léwu

Àkọ́kọ́ ni dídá oògùn dúró lójijì, ì báà jẹ́ nítorí ààwẹ̀, nítorí owó, tàbí kí ó lè "sinmi". Ara lè gbóná gan-an, iṣan á le bí igi, ọkàn á sì dàrú. Èyí lè pa ènìyàn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí a bá ń gbé e wọ ilé ìwòsàn nítorí àìsàn mìíràn, ẹ mú oògùn rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ aago tó ń lò ó fún àwọn nọ́ọ̀sì.

Èkejì ni oògùn èébì tó ń jẹ́ mẹtokilopuramáídì, àti oògùn ọpọlọ bíi halopẹridọ́ọ̀lù. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn tí dópámíìnì ń gbà wọlé. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ èébì pé Pákínsìn ni ó ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni èso yèrèpè. Òótọ́ ni pé lẹ́fódópà wà nínú rẹ̀, kì í ṣe àròsọ. Ìyẹn gan-an ni kò fi dára kí a máa lọ̀ ọ́ mọ́ oògùn dókítà. Ìwọ̀n tó wà nínú síbí kan kò dọ́gba pẹ̀lú tòmíràn, aláìsàn sì lè gba ìlọ́po oògùn rẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá ti ń lò ó, kí ó sọ ọ́ fún dókítà láìfi pamọ́.

Bí ó bá ti hàn pé oògùn ń tètè tán lára ẹnìkan nínú ilé yín, ẹ mú ìwé àti kálàmù. Ẹ kọ aago oògùn, aago oúnjẹ, aago tí ara yá, aago tí ó le àti aago tí ó ń lọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ gbé e lọ fún dókítà. Ìwé ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni yóò sọ fún un bóyá kí ó sún oògùn mọ́ra, kí ó dín in kù lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ó fi òmíràn kún un. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.